Bí ṣájà oníhò mẹ́ta ṣe ń pín wáàtì 65 rẹ̀

Ìbéèrè: Mo ra ṣájà wáàtì 65 kan tó ní ihò mẹ́ta: C1, C2 àti A. Tí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi bá dá wà lórí C1, ó ń gba iná dáadáa. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti ki fóònù bọ C2, kọ̀ǹpútà á kọ ọ́ síta pé ṣájà náà kò lágbára tó. Bí mo bá tún wá so íápíìsì mọ́ A, fóònù á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀, á sì máa falẹ̀. Ṣé ṣájà yìí ti bàjẹ́ ni, àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ìdáhùn: Nínú gbogbo ohun tí ẹ kọ yìí, n kò rí àmì kankan pé ṣájà náà bàjẹ́, n kò sì rí ohun tó fi hàn pé ayédèrú ni. Wáàtì 65 tí wọ́n kọ gàdàgbà sára páálí ni iná tó pọ̀ jù lọ tí gbogbo ṣájà náà lápapọ̀ lè mú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. C1 nìkan ló lè gba gbogbo rẹ̀, ìyẹn nígbà tí kò bá sí ohun mìíràn lára ṣájà náà. Bí ohun kejì bá ti dé, ṣájà náà kì í dúró wo èyí tí bátìrì rẹ̀ ti fẹ́ tán kí ó fún un ní púpọ̀. Àtẹ ìpín kan wà tí àwọn tó ṣe é ti gbé sínú rẹ̀ láti ilé iṣẹ́, àtẹ náà ló sì ń tẹ̀lé, ì báà bá yín lára mu, ì báà má bá yín lára mu.

Ẹ yí ṣájà náà padà, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo àwọn lẹ́tà kéékèèké tó wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, yóò wà nínú ìwé pélébé tó bá a wá nínú páálí. Lórí àwọn ṣájà wáàtì 65 tó ní ihò mẹ́ta, ohun tí a sábà máa ń bá níbẹ̀ rí báyìí:

```
C1: 65W   C2: 20W   A: 18W
C1+C2: 45W+20W
C1+A: 45W+18W
C2+A: 15W
C1+C2+A: 45W+15W
```

Àwọn nọ́ńbà tiyín lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí, ṣùgbọ́n ìṣòro méjèèjì tí ẹ kọ wá bá ìlà kejì àti ìlà ìkẹyìn mu tó bẹ́ẹ̀ tí n óò fi lò ó láti ṣàlàyé. Ìlà kejì ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kọ̀ǹpútà yín bá ń ráhùn. Ìlà ìkẹyìn ló ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí fóònù bá falẹ̀, nítorí wáàtì 15 tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti C2 nìkan: C2 àti A ni wọ́n jọ ni ín.

Kí ìdí rẹ̀ tó lè yé yín, ẹ ní láti mọ̀ pé ṣájà kì í ti iná wọ inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Ohun tí a so mọ́ ọn ló ń fà á, ó sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó fà á. Bí ẹ bá ki okùn USB-C bọ ihò, fóltì 5 ni ṣájà kọ́kọ́ máa ń gbé jáde. Lẹ́yìn náà ni òun àti ohun tí ẹ so mọ́ ọn á máa sọ̀rọ̀ lórí wáyà tín-ín-rín kan nínú okùn náà, ní ìlànà tí a ń pè ní USB PD. Ṣájà á ka gbogbo ohun tó lè fún un: fóltì 5 pẹ̀lú ámpíà 3, fóltì 9 pẹ̀lú ámpíà 3, fóltì 15 pẹ̀lú ámpíà 3, fóltì 20 pẹ̀lú ámpíà 3.25. Kọ̀ǹpútà á mú ọ̀kan nínú wọn, á béèrè fún un, ṣájà á gbà, á gbé fóltì rẹ̀ sókè, á sì sọ pé ó ti ṣetán. Ẹ fi fóltì sọ ámpíà di púpọ̀, wáàtì ni ẹ óò rí: 20 lọ́nà 3.25 jẹ́ 65. Láti ìgbà náà lọ, àdéhùn ti wà láàárín wọn, kọ̀ǹpútà sì ní ẹ̀tọ́ láti fa gbogbo wáàtì 65 náà nígbàkigbà tó bá wù ú, láìtún béèrè.

Nínú àdéhùn yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ ìpín ti bẹ̀rẹ̀. Ṣájà tó ti ṣèlérí wáàtì 65 fún C1 kò ní ẹyọ wáàtì kan tó lè ṣèlérí rẹ̀ fún C2, kódà bí kọ̀ǹpútà kò bá fà ju wáàtì 20 lọ lákòókò náà, nítorí kọ̀ǹpútà lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá ní ìṣẹ́jú àáyá tó tẹ̀ lé e, kí ó sì fa gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Nítorí náà, kí ṣájà tó lè fún fóònù ní ohunkóhun tó nítumọ̀, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àdéhùn àkọ́kọ́ padà. Yóò tún ohun tó lè fún C1 kà, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, fóltì 20 pẹ̀lú ámpíà 2.25 ni yóò wà ní ìparí, èyí tó jẹ́ wáàtì 45. Kọ̀ǹpútà á béèrè fún un, nítorí kò sí èyí tó ga ju ú lọ mọ́. Ẹ̀yìn èyí ni C2 á wá rí fóltì 9 pẹ̀lú ámpíà 2.22, ìyẹn wáàtì 20. 45 àti 20 jẹ́ 65, kò sì sí èyí tó ṣẹ́kù.

Ọ̀nà méjì ni àwọn ṣájà ń gbà yí àdéhùn padà, ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn sì ṣe pàtàkì ju bí àwọn òǹtajà ṣe ń sọ lọ. Èyí tó dára á ka ìpín tuntun fún kọ̀ǹpútà láìgé iná rẹ̀ rárá. Fóltì 20 á dúró síbẹ̀, ámpíà nìkan ni yóò dínkù, ẹ kò sì ní rí i lójú àfi bí kọ̀ǹpútà bá kọ ìkìlọ̀ síta. Èyí tí owó rẹ̀ kéré á gé iná gbogbo ihò, á dúró fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan, á wá bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìjíròrò láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí fóònù yín ṣe ń dákẹ́ tó tún ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Fóònù àti kọ̀ǹpútà kò ní bàjẹ́ nítorí èyí, nítorí bátìrì wọn á gbé wọn kọjá ìṣẹ́jú àáyá náà. Ṣùgbọ́n ohun tí kò ní bátìrì nínú kò lè fara dà á. Bí ẹ bá fi irú ṣájà bẹ́ẹ̀ gbé iná fún ẹ̀rọ ìntánẹ́ẹ̀tì tí kò ní bátìrì, tàbí fún kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi, yóò kú, yóò sì tún tan, ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá fi fóònù sí ihò kejì tàbí tí ó bá yọ ọ́. Mo rọ̀ yín gidigidi pé kí ẹ má ṣe dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ fóònù lórí ṣájà kan náà, pàápàá bí ó bá ń fi nǹkan pamọ́ sórí káàdì ìrántí, nítorí iná tó ń já lójijì lè ba ohun tó wà lórí káàdì náà jẹ́.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ìlérí ni ṣájà ń pín, kì í ṣe iná tí ohun kọ̀ọ̀kan ń fà gan-an. Bí fóònù yín bá ti kún dé 100 tí ẹ kò yọ ọ́ kúrò ní C2, ó lè má fa ju wáàtì kan tàbí méjì lọ, síbẹ̀ wáàtì 20 rẹ̀ ṣì wà ní ìpamọ́ fún un, kọ̀ǹpútà yín á sì dúró lórí wáàtì 45 títí ilẹ̀ á fi mọ́. Fóònù pàápàá kì í fa gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bí ó bá ti kọjá nǹkan bí 80 nínú ọgọ́rùn-ún, á bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù fúnra rẹ̀ kí bátìrì má baà gbóná. Àwọn ṣájà kan wà báyìí tó ń wọn ohun tí ihò kọ̀ọ̀kan ń fà ní tòótọ́, tí wọ́n sì ń gbé èyí tó ṣẹ́kù lọ sí ibòmíràn lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ṣùgbọ́n owó wọn ga, wọ́n sì máa ń sọ ọ́ gbangba lórí páálí. Bí tiyín kò bá sọ ọ́, ẹ kà á sí èyí tó ń tẹ̀lé àtẹ. Yíyọ fóònù tó ti kún kúrò ni ọ̀nà kan ṣoṣo tí kọ̀ǹpútà yín fi lè rí wáàtì 20 náà gbà padà.

Ó kù ọ̀rọ̀ C2 àti A, èyí tí mo rò pé ó tọ́ kí a dúró lé lórí, nítorí pé ibẹ̀ ni àtẹ náà ti le jù. Ihò mẹ́ta ló wà níta, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ṣájà bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà méjì péré ló ń sọ iná di fóltì tí ihò fẹ́: ọ̀kan fún C1, ọ̀kan fún C2 àti A pọ̀. Ẹ̀yà kan kò lè gbé ju fóltì kan ṣoṣo jáde ní àkókò kan, gẹ́gẹ́ bí ìkòkò ọbẹ̀ kan kò ṣe lè ní iyọ̀ púpọ̀ fún ẹnì kan kí ó sì jẹ́ aláìníyọ̀ fún ẹlòmíràn. Bí fóònù bá dá wà lórí C2, ẹ̀yà náà lè gun fóltì 9 fún un. Bí íápíìsì bá dé orí A, fóltì 5 nìkan ni íápíìsì náà lè gbà láìséwu, nítorí náà ẹ̀yà náà gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí fóltì 5 fún àwọn méjèèjì. Fóltì 5 pẹ̀lú ámpíà 3 jẹ́ wáàtì 15, òun sì ni wọ́n jọ ń pín. Íápíìsì kò fa ju wáàtì díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n nítorí wáàtì díẹ̀ yẹn, fóònù pàdánù fóltì 9 rẹ̀ pátápátá, ọ̀rọ̀ pé ó ń gba iná kíákíá á sì parẹ́ lójú rẹ̀.

Láti inú èyí náà ni ìṣòro mìíràn ti ń yọ, tí ẹ kò tíì bá pàdé ṣùgbọ́n tí ẹ óò bá pàdé lọ́jọ́ kan. Bí ẹnì kan nínú ilé bá ki kọ̀ǹpútà bọ C2 dípò C1, tí nǹkan kan sì wà lórí A, fóltì 5 ni kọ̀ǹpútà náà á rí. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká kì í gba iná rárá bí kò bá tó fóltì 20, nítorí náà kò ní sí ìkankan tó ń wọlé, ènìyàn á sì rò pé ṣájà tàbí kọ̀ǹpútà ti kú. C1 ni ààyè kọ̀ǹpútà nígbà gbogbo.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi nọ́ńbà ṣe ìrọ̀lẹ́ kan tí ohun mẹ́ta yìí jọ wà lórí ṣájà náà, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe nígbà tí iná ìjọba bá dé tí a kò sì mọ ìgbà tí wọn óò mú un lọ. Kọ̀ǹpútà wà lórí C1 pẹ̀lú wáàtì 45. Bí ẹ bá ń tẹ ìwé tàbí tí ẹ ń ka nǹkan, kí a sọ pé kọ̀ǹpútà ń jẹ wáàtì 15 fún iṣẹ́ tó ń ṣe. Wáàtì 30 ló kù fún bátìrì, èyí kò sì burú rárá. Bátìrì tó jẹ́ wáàtì-wákàtí 50, tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá, á kún láàárín wákàtí méjì, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀ nítorí pé òun náà á dín fífà rẹ̀ kù bí ó bá fẹ́ kún. Ìkìlọ̀ tó ń kọ síta kò ju pé ohun tí ó rí kéré sí ohun tí wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń ṣàtúnṣe fídíò, tí ó ń jẹ wáàtì 55, wáàtì 10 gbọ́dọ̀ wá láti inú bátìrì fúnra rẹ̀, bátìrì á sì máa lọ sílẹ̀ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé okùn wà lára rẹ̀, tàbí kí kọ̀ǹpútà dẹwọ́ iṣẹ́ kí ó má baà tán.

Fóònù ní tirẹ̀, bí bátìrì rẹ̀ bá jẹ́ ámpíà-wákàtí 5, tó ń gba wáàtì-wákàtí bí 19, ó nílò bí 23 tàbí 24 láti inú ṣájà, nítorí díẹ̀ máa ń ṣòfò sí ooru. Pẹ̀lú íápíìsì lórí A, nǹkan bí wáàtì 12 ló kù fún un, èyí tó túmọ̀ sí wákàtí méjì gbáko. Bí íápíìsì kò bá sí níbẹ̀, tí fóònù rí wáàtì 20, á ti kọjá ìdajì kí wákàtí kan tó pé. Nítorí náà ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí fóònù dá wà lórí C2 títí ó fi kún dé ibi tó tẹ́ yín lọ́rùn, lẹ́yìn náà kí ẹ wá so íápíìsì mọ́ A. Ẹ sì lè ki íápíìsì bọ ihò USB ara kọ̀ǹpútà; ohun tó ń fà kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kọ̀ǹpútà kò ní mọ̀ ọ́n lára, C2 á sì ní fóltì 9 rẹ̀ lọ́wọ́.

Okùn náà ní ipa tirẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń wá a. Okùn USB-C lásán, tí kò ní ṣíìpù nínú, kò gbọ́dọ̀ gbé ju ámpíà 3 lọ, ṣájà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ó máa ń yẹ okùn náà wò kí ó tó ka ohun tó lè fún un. Wáàtì 65 nílò ámpíà 3.25. Èyí fi hàn pé pẹ̀lú okùn lásán, kọ̀ǹpútà yín á rí wáàtì 60 péré nígbà tó bá dá wà, ẹ ó sì nílò okùn ámpíà 5, irú èyí tí wọ́n kọ 100W tàbí 240W sí lára, kí ó tó rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí fóònù bá ti wà lórí C2, ámpíà 2.25 ni C1 ń gbé, okùn èyíkéyìí tó dára sì tó fún un. Pípààrọ̀ okùn kò lè mú ìkìlọ̀ tí ẹ ń rí kúrò. Ẹ má ná owó yín sí i nítorí ìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ojú ara yín rí i, ẹ ra mítà USB-C kékeré tí wọ́n ń ki sáàárín ṣájà àti okùn, èyí tó ń fi fóltì àti ámpíà hàn. Ẹ fi í sí C2 pẹ̀lú fóònù, kí ẹ wo fóltì rẹ̀. Bí ẹ bá so íápíìsì mọ́ A, fóltì 9 á di 5 lójú yín. Bó bá jẹ́ Mac ni kọ̀ǹpútà yín, ẹ kò nílò mítà fún C1. Ẹ tẹ èyí sí Terminal, yóò sì sọ iye wáàtì tí àdéhùn wọn jẹ́ ní àkókò náà:

```
system_profiler SPPowerDataType | grep Wattage
```

Ẹ ṣe é nígbà tí kọ̀ǹpútà dá wà, kí ẹ tún ṣe é lẹ́yìn tí ẹ bá so fóònù mọ́ ọn. Bí nọ́ńbà náà bá lọ láti 65 tàbí 60 sí 45, ọ̀rọ̀ ti yanjú: àtẹ ló ń ṣiṣẹ́.

Ohun tí ó lè jẹ́ àmì àìsàn ní tòótọ́ yàtọ̀ sí èyí. Bí iná bá ń já, tó tún ń padà nígbà tí ẹ kò ki nǹkan kan bọ̀ ọ́, tí ẹ kò sì yọ nǹkan kan, ìpín kọ́ nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ wo iná ilé: fóltì 100 sí 240 ni àwọn ṣájà yìí sábà máa ń gbà, bí iná ìjọba bá sì rẹ̀yìn kọjá ìyẹn, á máa kú, á sì máa tan. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ kàn án. Ṣájà tó ń gbé wáàtì 65 jáde ń sọ bíi wáàtì 7 di ooru nínú ara rẹ̀, bí ó bá sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí tàbí nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kò sí, òun fúnra rẹ̀ á dín ìlérí rẹ̀ kù sí ohun tó kéré sí àtẹ, kí ó má baà jóná. Bí ó bá ṣì ń já ní ibi tó tutù, pẹ̀lú iná tó dára àti okùn mìíràn, tàbí tí ẹ bá gbọ́ òórùn ike tó ń jó, ẹ yọ ọ́ lára ògiri, kí ẹ má sì lò ó mọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ máa lo kọ̀ǹpútà fún iṣẹ́ fídíò kí fóònù sì máa gba iná kíákíá lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ètò kankan tó lè rí 85 fà yọ nínú 65, ẹ ó ní láti ra ṣájà wáàtì 100. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí 100 náà ra á. Ẹ béèrè ìlà C1+C2 lọ́wọ́ òǹtajà, kí ẹ sì rí i pé 65W+30W tàbí irú rẹ̀ ló wà níbẹ̀, nítorí mo ti rí èyí tó pín 100 sí 50W+50W, tí kọ̀ǹpútà tó fẹ́ 65 kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ rí ìyàtọ̀ sí ohun tó ń rí nísinsìnyí. Ẹ tún wo ìlà ohun mẹ́ta, kí ẹ mọ̀ bóyá C2 àti A ṣì ń pín wáàtì 15. GaN tí wọ́n ń kọ sí ara rẹ̀, ìyẹn orúkọ ohun tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yà inú rẹ̀, ń sọ ìdí tí ṣájà náà fi kéré. Kò sọ ohunkóhun nípa bí ó ṣe ń pín iná. Bí wọn kò bá sì kọ àtẹ sí ibì kankan, lára rẹ̀ tàbí nínú ìwé rẹ̀, tàbí tí wọ́n ṣírò agbára gíga jù lọ ti ihò kọ̀ọ̀kan pọ̀ láti rí nọ́ńbà ńlá orí páálí, ẹ dá a padà fún òǹtajà.